Áígẹ́nfálù mátíríìsì ráǹkì ọ̀kan àti mátíríìsì tó jẹ́ 1 látòkè délẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn, láìtú dítámínáǹtì palẹ̀

Tí ìdánwò líníà áljẹ́bírà bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn àbúrò mi tó ń ka máàtì, sítátísíìsì àti ẹnjiníárìn máa ń gbé wá, mo wá rò ó pé kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá kà á mú lọ: kó tó fọwọ́ kan dítámínáǹtì, kó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ pé kí ni mátíríìsì yìí ń ṣe sí fẹ́kítọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni áígẹ́nfálù gan-an? Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ àmọ́ mi ò mọ ohun tó jẹ́.

Mú mátíríìsì A, kó o fi táìmùsì fẹ́kítọ̀ x. Lọ́pọ̀ ìgbà, èsì tó máa jáde á kọjú síbòmíì, kò ní sí lójú ọ̀nà tí x wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn fẹ́kítọ̀ kan wà tí A ò lè yà kúrò lójú ọ̀nà wọn, ó lè fà wọ́n gùn, ó lè sún wọn kì, ó lè dojú wọn kọ ẹ̀yìn, ó tiẹ̀ lè sọ wọ́n di òdo, àmọ́ orí ìlà kan náà ni wọ́n ṣì wà. Bá a ṣe ń kọ ọ́ nìyí: Ax = λx. Nọ́ńbà λ yẹn ni áígẹ́nfálù, x yẹn, tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, ni áígẹ́nfẹ́kítọ̀. Èdè Jámánì ni "áígẹ́n", ìtúmọ̀ ẹ̀ ni "ti ara ẹni", Dáfíìdì Hílíbáàtì ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún nǹkan yìí ní 1904.

Wo ohun tí mo sọ yẹn dáadáa, kò sí dítámínáǹtì níbẹ̀ rárá. det(A − λI) = 0 kàn jẹ́ ọ̀nà kan téèyàn lè gbà wá λ ni, kì í ṣe òun ni λ fúnra ẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi dítámínáǹtì kọ́ níbẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé èyí, wọ́n á rò pé láìsí pọlinómíà kò sí áígẹ́nfálù.

Báwo ni mo ṣe máa dá mátíríìsì ráǹkì ọ̀kan mọ̀ tí mo bá rí i?

Gbogbo ìlà ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po ìlà kan ṣoṣo (ó sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán nọ́ńbà kan tí kì í ṣe òdo, torí ráǹkì òdo ni mátíríìsì tó jẹ́ òdo látòkè délẹ̀).

Èyí tó wù mí jù láti fi ṣàpẹẹrẹ ni táìmù-tébù tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ẹ́sásáìsì tá a lò ní pírámárì. Tá a bá kọ ọ́ láti 1 dé 12 lọ́nà méjèèjì, mátíríìsì 12 lọ́nà 12 nìyẹn. Ìlà àkọ́kọ́ ni 1, 2, 3, títí dé 12. Ìlà keje ni 7, 14, 21, títí dé 84, kí sì nìyẹn bí kò ṣe ìlà àkọ́kọ́ lọ́nà méje? Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìlà yòókù. Nọ́ńbà 144 ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìlà kan ṣoṣo ni ìròyìn tó wà nínú ẹ̀, gbogbo ìyókù àtúnwí ni.

Tó bá ti rí báyìí, o lè kọ ọ́ sí A = u v^T, níbi tí u ti jẹ́ fẹ́kítọ̀ tó dúró lóòró, tí v^T sì dùbúlẹ̀. v^T ni ìlà tí gbogbo wọn ń tún wí, àwọn nọ́ńbà inú u ló ń sọ iye ìgbà tí ìlà kọ̀ọ̀kan tún un wí. Fún táìmù-tébù wa, u àti v jẹ́ nǹkan kan náà, (1, 2, 3, …, 12).

Ohun kan wà tó yẹ kó o ṣọ́ra fún. Kì í ṣe u kan ṣoṣo tàbí v kan ṣoṣo ló wà fún A. O lè sọ u di ìlọ́po méjì kó o pín v sí méjì, A kò ní yàtọ̀. Torí náà tí u tìẹ àti ti ọ̀rẹ́ ẹ bá yàtọ̀ ẹ má tíì bá ara yín jà, ẹ kọ́kọ́ ṣírò v^T u, iye yẹn ò ní yàtọ̀.

Ó dáa, níbo wá ni áígẹ́nfálù ti ń jáde tá ò bá ṣe dítámínáǹtì?

Ibi tó o bá fi àkámọ́ sí ni gbogbo àṣírí ẹ̀ wà.

(u v^T) x = u (v^T x)

v^T x yẹn nọ́ńbà lásán ni, o kàn ń fi nọ́ńbà inú v táìmùsì nọ́ńbà inú x lọ́kọ̀ọ̀kan, o wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Èyí já sí pé fẹ́kítọ̀ yòówù kó o kó fún A, u ló máa dá padà fún ẹ, lẹ́yìn tó bá ti fi nọ́ńbà kan táìmùsì ẹ̀. Gbogbo àyè oní-dàmẹ́ńṣọ̀n 12 yẹn, A fún un pọ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo, ìlà u.

Tó bá jẹ́ orí ìlà kan ni gbogbo nǹkan ń já sí, ìbéèrè méjì péré ló kù. Ìkíní, àwọn wo ni A ń pa di òdo? Àwọn x tí v^T x wọn jẹ́ òdo ni. Ìkejì, kí ni A ń ṣe sí u fúnra ẹ̀, ẹni tó ni ìlà? Fi u sípò x:

A u = u (v^T u) = (v^T u) u

O ti rí i, áígẹ́nfálù nìyẹn, v^T u.

Jẹ́ ká fi táìmù-tébù gbìyànjú ẹ̀, ká má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Kó u = (1, 2, …, 12) fún un. Ìlà àkọ́kọ́ máa fún wa ní 1×1 + 2×2 + 3×3 títí dé 12×12, ìyẹn 1 + 4 + 9 + … + 144, ó sì jẹ́ 650. Ìlà kejì jẹ́ ìlọ́po méjì ìlà àkọ́kọ́, èsì ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1300. Ìlà kẹta 1950. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, èsì wá jẹ́ 650 × (1, 2, 3, …, 12). Áígẹ́nfálù 650.

Àwọn tó ń kú di òdo ńkọ́? Gbìyànjú (2, −1, 0, 0, …, 0). Ìlà àkọ́kọ́: 1×2 + 2×(−1) = 0. Àwọn ìlà yòókù ìlọ́po ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n, òdo làwọn náà máa jẹ́. Bákan náà ni (3, 0, −1, 0, …), (4, 0, 0, −1, …), títí dé (12, 0, …, 0, −1). Kà wọ́n, mọ́kànlá ni wọ́n. Èyí tó bá ní −1 ní ipò kan, àwọn yòókù ní òdo níbẹ̀, torí náà kò sí èyí tó o lè fi àwọn tó kù ṣe jáde. Áígẹ́nfálù òdo, ìgbà 11.

Tó bá jẹ́ dítámínáǹtì lo fẹ́ tú palẹ̀ fún 12 lọ́nà 12, iye ègé tó wà nínú ẹ̀ tó o bá tú u tán jẹ́ 12!, ìyẹn 479,001,600. Ó lé ní mílíọ̀nù irínwó ó lé àádọ́rin, a sì ti rí ìdáhùn láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Lẹ́kíṣọ́rà wa sọ pé ká kàn ro dáyágónà pọ̀. Ṣé nǹkan kan náà ni?

Nǹkan kan náà ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lórí dáyágónà u v^T jẹ́ u₁v₁, èkejì u₂v₂, ó ń lọ bẹ́ẹ̀, tó o bá rò wọ́n pọ̀ v^T u ló máa jáde. Àròpọ̀ dáyágónà yìí ni wọ́n ń pè ní tíréèsì. Ẹ̀yin náà ẹ wo táìmù-tébù, 1, 4, 9, 16 títí dé 144 ló wà lórí dáyágónà ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn há a sórí láìmọ ìdí. Mo ti rí ẹni tó ro dáyágónà mátíríìsì tí ráǹkì ẹ̀ jẹ́ 2 pọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé áígẹ́nfálù nìyẹn, pé òdo ni gbogbo ìyókù, wọ́n sì fá a. Ráǹkì ọ̀kan nìkan ló ti dájú pé tíréèsì máa dá jẹ́ áígẹ́nfálù, torí kò sí ẹlòmíì tó máa bá a pín in.

Ẹ ṣe èyí tí kò símẹ́tíríìkì fún wa, táìmù-tébù yẹn ti rọrùn jù.

Ó dáa, wo eléyìí:

```
2   1  -1
4   2  -2
6   3  -3
```

Ìlà kejì ìlọ́po méjì ìlà àkọ́kọ́, ìkẹta ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà v = (2, 1, −1), u = (1, 2, 3). v^T u = 2×1 + 1×2 + (−1)×3 = 1. Dáyágónà náà: 2 + 2 − 3 = 1. Ó bára mu. Áígẹ́nfálù ẹ̀ jẹ́ 1, 0, 0.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣubú ni áígẹ́nfẹ́kítọ̀ fún 1. u ni o, (1, 2, 3), kì í ṣe v. Dán an wò: ìlà àkọ́kọ́ fún wa ní 2 + 2 − 3 = 1, ìkejì 2, ìkẹta 3. Tó o bá kó v fún un, ìlà àkọ́kọ́ máa mú 4 + 1 + 1 = 6 wá, èsì sì máa jẹ́ (6, 12, 18), ìyẹn kò sí lójú ọ̀nà v rárá, ojú ọ̀nà u ló wà. Iṣẹ́ v ni láti yẹ x wò kó sì sọ iye tó máa jáde, iṣẹ́ u ni láti sọ ibi tó máa jáde sí. Nínú táìmù-tébù a ò lè rí ìyàtọ̀ yìí torí u àti v bára dọ́gba.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kò sí áígẹ́nfálù míì tó sá pamọ́ síbì kan?

Ìbéèrè gidi nìyí, mo sì fẹ́ràn ẹni tó bá bi í. Ká ní λ wà tí kì í ṣe òdo, tí Ax = λx. Ax, a ti sọ pé ìlọ́po u ni nígbàkígbà. Tí λx bá jẹ́ ìlọ́po u, tí λ kì í sì í ṣe òdo, pín in pẹ̀lú λ, x fúnra ẹ̀ di ìlọ́po u. Orí ìlà u la ti bá ara wa nìyẹn, a sì ti mọ ohun tí A ń ṣe níbẹ̀, v^T u ló fi ń táìmùsì. Torí náà kò sí ibi tí òmíràn máa gbà wọlé.

Ti òdo, fẹ́kítọ̀ tí v^T x wọn jẹ́ òdo kún àyè oní-dàmẹ́ńṣọ̀n n − 1, torí ìdọ́gba kan ṣoṣo ló dè wọ́n, ìdọ́gba kan sì ń gba òmìnira kan péré. Tí v^T u kì í bá ṣe òdo, u kò sí láàárín wọn, n − 1 pẹ̀lú 1 di n, gbogbo ẹ̀ pé.

Tí v^T u bá wá jẹ́ òdo ńkọ́?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, má sáré kọjá. Wo eléyìí:

```
1   1  -1
1   1  -1
2   2  -2
```

u = (1, 1, 2), v = (1, 1, −1), v^T u = 1 + 1 − 2 = 0. Gbogbo áígẹ́nfálù ẹ̀ ti di òdo, ẹ̀ẹ̀mẹta, síbẹ̀ mátíríìsì náà kì í ṣe òdo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé u, ẹni tó ni ìlà tí gbogbo nǹkan ń já sí, ti bọ́ sínú àwọn tí A ń pa. Lẹ́ẹ̀kan àkọ́kọ́ A gbé x lọ sórí ìlà u, lẹ́ẹ̀kejì ó pa u di òdo. Nítorí náà A² = 0, o lè fọwọ́ ṣe táìmùsì ẹ̀ wò, kò le.

Àbájáde ẹ̀ ni pé áígẹ́nfẹ́kítọ̀ kò pé mẹ́ta. Méjì péré lo máa rí tí kò sí èyí tó o lè fi àwọn tó kù ṣe jáde, àyè sì jẹ́ dàmẹ́ńṣọ̀n 3. Mátíríìsì yìí kò ṣeé sọ di dáyágónà. Tí wọ́n bá bi yín nínú ìdánwò pé ìgbà wo ni u v^T ṣeé sọ di dáyágónà, ìdáhùn ni: ìgbà tí v^T u kì í ṣe òdo, tí n bá ti ju 1 lọ. Tí A bá wá símẹ́tíríìkì, wàhálà yìí ò lè ṣẹlẹ̀ torí nígbà yẹn v jẹ́ ìlọ́po u, v^T u sì di ìlọ́po àròpọ̀ àwọn sikúwéà, kò sì lè jẹ́ òdo.

Mátíríìsì tó jẹ́ pé 1 nìkan ló kún inú ẹ̀ ńkọ́?

J ni wọ́n sábà máa ń pè é. Gbogbo ìlà ẹ̀ bára dọ́gba, ráǹkì ọ̀kan ni, u àti v méjèèjì jẹ́ (1, 1, …, 1). v^T u = 1 + 1 + … + 1 = n. Áígẹ́nfálù n lẹ́ẹ̀kan, 0 ìgbà n − 1. Mo lè dákẹ́ síbẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kó o rí i.

Ronú nípa èsúsú. Èèyàn márùn-ún wà, x ni ohun tí kálukú dá. Kó x fún J, ìlà kọ̀ọ̀kan máa ro gbogbo owó pọ̀, torí náà nọ́ńbà kan náà ló máa wà ní gbogbo ipò, ìyẹn odindi owó tó wà nínú àpò, iye tí ẹni tó bá kan máa kó lọ sílé. Tí gbogbo wọn bá dá ₦1,000, ẹni tó bá kan á kó ₦5,000. Ìdọ́gba wọlé, ìdọ́gba jáde, ìlọ́po márùn-ún. Áígẹ́nfálù 5, áígẹ́nfẹ́kítọ̀ (1, 1, 1, 1, 1).

Tí ẹnì kan bá wá fi ₦1,000 sílẹ̀ tí ẹlòmíì sì yọ ₦1,000, tí àwọn tó kù ò dá nǹkan kan, àpò ṣófo, òdo ni gbogbo wọn máa kó. Fẹ́kítọ̀ ẹ̀ ni (1, −1, 0, 0, 0). Lọ́nà kan náà (1, 0, −1, 0, 0), (1, 0, 0, −1, 0), (1, 0, 0, 0, −1). Mẹ́rin ni wọ́n, n − 1 nìyẹn. Àròpọ̀ òdo ni àmì tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, tó o bá rí fẹ́kítọ̀ tí àròpọ̀ inú ẹ̀ jẹ́ òdo, J ti pa á.

Wọ́n fún wa ní èyí tí 5 wà lórí dáyágónà, tí 2 wà níbi tó kù, 4 lọ́nà 4. Kì í ṣe ráǹkì ọ̀kan, kí la máa ṣe?

Yọ ohun tó bára dọ́gba kúrò lára ẹ̀. Tó o bá fi 2 sí ibi gbogbo, 2J nìyẹn. Dáyágónà ṣì ku 3 ní ipò kọ̀ọ̀kan. Torí náà mátíríìsì yìí jẹ́ 3I + 2J.

3I kì í yí ojú ẹnikẹ́ni padà, ìlọ́po mẹ́ta ló ń sọ gbogbo fẹ́kítọ̀. Nítorí ìdí èyí áígẹ́nfẹ́kítọ̀ J ṣì ni áígẹ́nfẹ́kítọ̀ tiwa, 3 ló kàn máa wọlé kún áígẹ́nfálù kọ̀ọ̀kan. J oní mẹ́rin ní 4, 0, 0, 0. 2J ní 8, 0, 0, 0. Fi 3 kún un: 11, 3, 3, 3. Yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú tíréèsì: 5 × 4 = 20, 11 + 9 = 20. Ó pé.

Ní gbogbogbòò, aI + bJ ní a + nb lẹ́ẹ̀kan àti a ní ìgbà n − 1. Tó o bá wá nílò dítámínáǹtì, òun náà ti dé lọ́fẹ̀ẹ́, sọ àwọn áígẹ́nfálù di púpọ̀ láàárín ara wọn: 11 × 27 = 297. Àbí o ò rí i, dítámínáǹtì tí à ń sá fún, èrè ìparí ló wá dà.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbí ni kéèyàn rò pé a ni 5. Rárá o, a ni dáyágónà yọ ohun tó wà níta dáyágónà, 5 − 2. Àṣìṣe kejì le jù ú lọ: dáyágónà gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà látòkè délẹ̀. Tó bá jẹ́ 3, 4, 5 ló wà níbẹ̀, tí 2 wà níta, ohun tó kù lẹ́yìn tó o bá yọ 2J kúrò jẹ́ 1, 2, 3 lórí dáyágónà, ìyẹn kì í ṣe ìlọ́po I, ó máa yí ojú (1, 1, 1) padà di (1, 2, 3), gbogbo àlàyé wa sì já níbẹ̀.

Tí ráǹkì ọ̀kan bá jẹ́ méjì tí wọ́n rò pọ̀, ṣé mo lè ro áígẹ́nfálù wọn pọ̀?

Má dán an wò. Àròpọ̀ I àti J ṣiṣẹ́ torí áígẹ́nfẹ́kítọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Mátíríìsì ráǹkì ọ̀kan méjì, kálukú ló ní ìlà tiẹ̀, ohun tí èkíní ń fà síbí, èkejì lè máa fà á sọ́hùn-ún. Ohun tó dájú nípa àròpọ̀ wọn ni pé ráǹkì ẹ̀ kò lè ju 2 lọ, torí náà òdo wà níbẹ̀ ó kéré tán ìgbà n − 2.

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá dátà fún nǹkan mẹ́ta, kí kọ̀rílẹ́ṣọ̀n láàárín méjì-méjì wọn jẹ́ −0.6. Ó ní `LinAlgError: Matrix is not positive definite`. Kí ni mo ṣe?

O ò ṣìṣe nínú kóòdù, ohun tó o ń béèrè ni kò lè ṣẹlẹ̀. Mátíríìsì kọ̀rílẹ́ṣọ̀n ẹ ní 1 lórí dáyágónà àti −0.6 níbi tó kù. Lo ọ̀nà tá a lò lókè: a = 1 − (−0.6) = 1.6, b = −0.6, n = 3. Áígẹ́nfálù ẹ̀ jẹ́ 1.6, 1.6, àti 1.6 + 3 × (−0.6) = −0.2.

−0.2 yẹn ni wàhálà ẹ. Áígẹ́nfẹ́kítọ̀ ẹ̀ ni (1, 1, 1), ìtúmọ̀ ẹ̀ ni pé kó o ro nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ká ní fáríánsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, fáríánsì àròpọ̀ wọn máa jẹ́ 3 × (−0.2) = −0.6, fáríánsì sì jẹ́ ìdá àárín àwọn sikúwéà, kò lè lọ sísàlẹ̀ òdo láéláé. Lọ́rọ̀ kan, tí A bá ta ko B gan-an, tí A sì ta ko C gan-an, B àti C á fẹ́ máa rìn pa pọ̀, o ò wá lè tún ní kí àwọn náà ta ko ara wọn gan-an.

Ibi tó lè lọ dé wà nínú a + nb náà. Tí kọ̀rílẹ́ṣọ̀n bá jẹ́ ρ fún gbogbo méjì-méjì, áígẹ́nfálù jẹ́ 1 − ρ àti 1 + (n − 1)ρ, èkejì kò gbọ́dọ̀ kéré sí òdo, torí náà ρ kò gbọ́dọ̀ kéré sí −1/(n − 1). Fún mẹ́ta, −0.5 ni ìpẹ̀kun. Fún mọ́kànlá, −0.1. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni àyè láti ta ko ara wọn ń dín kù. Rí i dájú pé o dúró lókè −0.5 díẹ̀ nínú kóòdù ẹ, torí ní −0.5 gan-an áígẹ́nfálù kan á di òdo, kọ̀ǹpútà lè ṣì kọ̀.

Mo fi kọ̀ǹpútà yẹ J wò, kò fún mi ní òdo, nọ́ńbà kékeré kan tó ní e-16 ló ń gbé jáde.

```python
import numpy as np
J = np.ones((4, 4))
print(np.linalg.eigvals(J))
print(np.linalg.eigvalsh(J))
```

Òdo náà ni. Kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nọ́ńbà ní bíi díjíìtì 16, ohun tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4, ìdọ̀tí ìṣirò ni. Fún mátíríìsì símẹ́tíríìkì lo `eigvalsh`, òun ni wọ́n ṣe fún un, ó sì máa ń tò wọ́n láti kékeré dé ńlá.

Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tí A² ẹ̀ jẹ́ òdo lo kó fún un, bíi èyí tí u ẹ̀ jẹ́ (1, 1, 2) lókè yẹn, má yà á sí ìyanu tí o bá rí nǹkan tó tó e-08 dípò e-16, nígbà míì pẹ̀lú `j` lára ẹ̀. Áígẹ́nfẹ́kítọ̀ tí kò pé ló fà á: nínú irú mátíríìsì bẹ́ẹ̀ àṣìṣe e-16 nínú nọ́ńbà lè di gbòǹgbò sikúwéà ẹ̀ nínú áígẹ́nfálù, gbòǹgbò e-16 sì ni e-08. Ẹni tó bá gbára lé kọ̀ǹpútà nìkan á kọ ọ́ sílẹ̀ pé áígẹ́nfálù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rí, ẹni tó bá fi ojú wo v^T u ti mọ̀ tipẹ́.

Nínú ìdánwò, báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ kí wọ́n má bàa sọ pé mi ò fi iṣẹ́ hàn?

Kọ A = u v^T, kó o sọ u àti v. Kọ Au = (v^T u)u, kó o ṣírò nọ́ńbà ẹ̀. Kọ ọ́ pé tí v^T x bá jẹ́ òdo Ax = 0, pé irú x bẹ́ẹ̀ kún dàmẹ́ńṣọ̀n n − 1, kó o kọ àwọn fẹ́kítọ̀ náà sílẹ̀ ní tààrà. Tí v^T u kì í bá ṣe òdo, fi kún un pé gbogbo ẹ̀ ti pé n. Tó bá jẹ́ òdo, kọ A² = 0, kó o sọ pé áígẹ́nfálù kankan kò lè wà yàtọ̀ sí òdo, torí Ax = λx máa fún wa ní λ²x = 0.

Tí ìṣẹ́jú méjì bá ṣẹ́ kù, fi A² = (v^T u)A yẹ ara ẹ wò, torí u v^T u v^T, nọ́ńbà v^T u ló wà láàárín ẹ̀. Fún J, èyí já sí J² = nJ. Mú ìlà kan ṣoṣo nínú A², kó o wò ó bóyá ìlọ́po tó yẹ ló jẹ́. Fún mátíríìsì tí ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀ jẹ́ 2, 1, −1 lókè, tíréèsì jẹ́ 1, torí náà A² gbọ́dọ̀ bá A dọ́gba: 2×2 + 1×4 + (−1)×6 = 2, 2×1 + 1×2 + (−1)×3 = 1, 2×(−1) + 1×(−2) + (−1)×(−3) = −1. Ìlà àkọ́kọ́ padà wá bó ṣe wà.